Ẹ̀yin onílé, kí ẹ tó fi kún owó ilé: lẹ́tà ojú ewé kan lè gbà yín lọ́wọ́ ẹjọ́

Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìntì sí abúlé lónìí ló jẹ́ pé owó ilé tí wọ́n kọ́ sí Èkó nígbà tí ara ṣì le ni wọ́n fi ń jẹun. Ilé wà ní Ìkòròdú tàbí Agége, onílé wà ní Ìlá tàbí Òkè-Igbó. Nígbà tí ọjà bá wọ́n, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé kí àwọn ayálégbé fi kún owó. Fóònù ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é. Wọn á pe ágẹ́ńtì, wọn á ní: "Sọ fún gbogbo wọn pé owó ilé ti di N600,000 láti oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè san án, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ onílé àti ayálégbé tí wọ́n ti jọ ń bára wọn bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún di ọ̀tá, ó sì ti gbé àwọn mìíràn dé kóòtù. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ojú ewé kan péré, tí onílé bá kọ ọ́ lákòókò, tó sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ì bá ti yanjú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn la fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Àdéhùn ni owó ilé

Ohun tó yẹ kí onílé kọ́kọ́ mọ̀ ni pé owó ilé kì í ṣe owó orí tí ìjọba ń bù léèyàn. Àdéhùn ni láàárín ẹni méjì, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kò sì lè dá a yí padà. Àbá ni lẹ́tà àfikún owó ilé jẹ́. Bí ayálégbé bá gbà, owó tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fi sí. Bí kò bá gbà, wọ́n lè dúnàádúrà, tàbí kí onílé fún un ní ìwé pé kó máa wá ilé mìíràn, lọ́nà tí òfin là sílẹ̀. Lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìwọ̀nyí, kò sì yẹ kéèyàn pò wọ́n pọ̀.

Òfin ilé gbígbé tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé, bí ayálégbé àti onílé kò bá ti ní àdéhùn mìíràn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún kó tó kúrò nílé. Oṣù kan ni ti ẹni tó ń san án lóṣooṣù. Òfin náà kò dá iye oṣù kan fún lẹ́tà àfikún owó. Ṣùgbọ́n onílé tó gbọ́n á ya oṣù mẹ́fà yẹn lò. Ẹni tó ń wá N100,000 kún owó ilé nílò àyè láti dá ẹ́súsú tàbí láti gba àjọ. Bó bá sì jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò ní í gbé e, ó nílò àyè láti wá ibòmíràn láìsáré.

Owó tí ayálégbé ti san ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò lè fi nǹkan lé e. Ẹni tó ti sanwó títí di ìparí oṣù Kẹfà ti ra àkókò náà tán. Ìgbà tí ọdún rẹ̀ bá pé ni owó tuntun tó lè bẹ̀rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń ṣírò àfikún?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà ka ilé kan, ká wò ó bí àpẹẹrẹ. Ilé fúláàtì mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú N300,000 wọlé lọ́dún, owó náà kò sì yí padà láti ọdún 2021. Páànù orí ilé ti dípẹtà, òjò ń jò sí yàrá àwọn tó wà lókè. Bàbá onílé wá yá owó, ó fi N1,800,000 pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ kí owó yẹn padà lọ́dún kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi ní kí owó ilé di N600,000.

Níbí ni ìṣírò bàbá ti wọ́. Bí a bá pín N1,800,000 sí ọ̀nà mẹ́fà, N300,000 ló kan fúláàtì kọ̀ọ̀kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n páànù tuntun kì í lo ọdún kan kó tó bàjẹ́. Bí bàbá bá tan owó náà ká ọdún márùn-ún, N60,000 ni yóò kan fúláàtì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Yàtọ̀ sí páànù, owó tí wọ́n fi ń gbọ́n ṣalángá, owó àtúnṣe ẹ̀rọ omi àti owó ẹni tó ń ṣọ́ géètì ti fi N240,000 lé lọ́dún fún gbogbo ilé. Ìyẹn jẹ́ N40,000 fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N100,000. Owó ilé tuntun á wá jẹ́ N400,000.

Ohun tó kù ni kí bàbá béèrè iye tí wọ́n ń gba irú fúláàtì bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Bó bá jẹ́ pé N400,000 sí N450,000 ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí òfin 2011 yẹn fún ayálégbé láyè láti gba kóòtù lọ, kó ní àfikún tí wọ́n ṣe ti pọ̀ jù. Iye tí wọ́n ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wà lára ohun tí kóòtù á yẹ̀ wò, pẹ̀lú ẹ̀rí tí tọ̀tún tòsì bá mú wá àti ohun tó bá ṣàrà ọ̀tọ̀ nípa ilé náà. Kóòtù sì lè dín in kù sí iye mìíràn. Ẹni tó bá fo N300,000 sí N600,000 lẹ́ẹ̀kan náà ti bá ayálégbé rẹ̀ kọ ẹjọ́ sílẹ̀.

Lẹ́tà náà rèé

Lẹ́yìn orúkọ ní kíkún, àdírẹ́ẹ̀sì ilé àti nọ́ńbà fúláàtì, báyìí ni bàbá onílé wa lè kọ lẹ́tà rẹ̀:

"Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

"Bàbá Ìbejì, mo kí yín, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Mo kọ̀wé yìí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, kí n sì bá yín sọ ọ̀rọ̀ owó ilé.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ ti ń gbé ní fúláàtì kẹta, n kò sì pè yín lẹ́ẹ̀mejì rí kí ẹ tó sanwó. Nígbà tí ẹ̀rọ omi bàjẹ́ lọ́dún 2023, ẹ̀yin lẹ kó àwọn yòókù jọ tí ẹ tún un ṣe kí n tó gbọ́. N kò gbàgbé.

"Láti ọdún 2021 ni owó ilé yín ti wà ní N300,000 lọ́dún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, mo fi N1,800,000 pààrọ̀ gbogbo páànù orí ilé. Owó ṣalángá, owó àtúnṣe ẹ̀rọ omi àti owó ẹni tó ń ṣọ́ géètì náà ti wọ́n sí i. Nítorí náà, mo fẹ́ kí owó ilé yín di N400,000 lọ́dún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 2026. Owó tí ẹ ti san títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà dúró bó ṣe wà.

"Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, kí ẹ sì dá a padà fún mi. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ kọ ọ́ sí mi kí oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀ tó parí, ká lè jọ sọ ọ́. Ẹ ṣeun. Èmi ni onílé yín."

Ẹ ó rí i pé ọpẹ́ inú lẹ́tà yìí ní ìdí. Bàbá sọ ohun tí ayálégbé ṣe àti ọdún tó ṣe é. Ẹni tó bá kàn kọ "ẹ ṣeun fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín" fún fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kódà fún ẹni tó jẹ owó ọdún kan, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ó sì rí i pé kò sí ìhàlẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí lẹ́tà ti ń bàjẹ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí onílé kọ ọjọ́ kan náà fún gbogbo ayálégbé. Ẹni tó wọlé ní oṣù Keje àti ẹni tó wọlé ní oṣù Kẹwàá kò lè bẹ̀rẹ̀ owó tuntun lọ́jọ́ kan náà. Rìsíìtì ló máa fi ọjọ́ oníkálukú hàn. Òfin Èkó sì ti sọ ọ́ di dandan kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì tí iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún wà lórí rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kéèyàn fi lẹ́tà ránṣẹ́ láìní ẹ̀rí pé ó dé. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ayálégbé fọwọ́ sí ọ̀kan, kó kọ ọjọ́ tó gbà á sí i. Bí onílé kò bá mọ̀wé, ẹni tó bá a kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ sísàlẹ̀, nítorí òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí onílé yọ páànù, kó já iná, tàbí kó rán àwọn ọmọọta sí ẹni tó kọ̀ láti san àfikún. Ẹ̀ṣẹ̀ ni fífi ipá lé ayálégbé jáde lábẹ́ òfin Èkó, onílé tó bá ṣe é lè fi ẹ̀wọ̀n jura.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe ju irú lẹ́tà yìí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí owó náà bá ti pọ̀ jù, ẹ dá èsì padà ní kíákíá, kí ẹ sọ iye tí agbára yín gbé. Bí ẹ bá dákẹ́, onílé lè ní ẹ ti gbà.

Ẹ rántí pé òfin 2011 yìí yọ Apápá, Ìkòyí, Erékùṣù Fikitóríà àti àdúgbò GRA ní Ìkẹjà sílẹ̀, àti pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Lọ́dún 2025, àbá òfin tuntun lórí ilé gbígbé dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Nítorí náà, kí onílé tàbí ayálégbé tó gbé ìgbésẹ̀, kó bi lọ́yà léèrè èyí tó fìdí múlẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà ní Èkó lè lọ sí ibùdó tí ìjọba ti ń bá aráàlú parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.