Kíndìnrín Tí Kò Bàjẹ́, Tó sì Kọṣẹ́

Ní 1969, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà yọ kíndìnrín lára àwọn òkú tí àrùn ẹ̀dọ̀ pa. Kí àwọn wọ̀nyí tó kú ni kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi kíndìnrín náà sára àwọn tí ẹ̀dọ̀ tiwọn dára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Hẹpatorínà sindíróòmù ni orúkọ àìsàn náà. Bí ọtí tàbí kòkòrò mẹ́dọ̀wú bá ti ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ títí tó fi le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ kì í ríbi gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí ìfun ká á wá fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ síbẹ̀. Lójú ara, àfi bíi pé ẹ̀jẹ̀ ti ń tán, ló bá ń fún àwọn iṣan yòókù pọ̀, pàápàá ti kíndìnrín. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, kò lè sẹ́ ìtọ̀.

Ká ní ọkùnrin kan wà tó wọn 60 kílò, tí omi kún ikùn rẹ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń dín kù. Kiriatíníìnì, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti gun láti 0.9 dé 2.4 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà kò ní kọ́kọ́ dárúkọ hẹpatorínà. Yóò dá oògùn tó ń mú un tọ̀ dúró, yóò béèrè bóyá ó ń lo oògùn ara ríro bí ibupurofẹ́ẹ̀nì, yóò sì fa omi ikùn rẹ̀ díẹ̀ wò, torí àkóràn inú omi yìí ló sábà máa ń fa wàhálà náà. Yóò fa alibúmíìnì sí i lára, nǹkan bíi 60 gíráàmù lójúmọ́, fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Bó bá jẹ́ pé omi ara ló gbẹ, kiriatíníìnì á wálẹ̀. Bí kíndìnrín fúnra rẹ̀ bá fara gbọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀, púrótéènì tàbí èérún kíndìnrín á sábà hàn nínú ìtọ̀. Ti ọkùnrin wa kò wálẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, àwòrán kíndìnrín rẹ̀ kò ní àléébù. Ìgbà yìí ni wọ́n tó lè pè é ní hẹpatorínà, nítorí kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó ń fi í hàn.

Tẹlipírẹ́sìn, pẹ̀lú alibúmíìnì, ni oògùn rẹ̀. Ó ń fún àwọn iṣan ìfun pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sọ́dọ̀ kíndìnrín. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gbà fún, ó sì lè dá èémí dúró, nítorí náà wọn kì í fún ẹni tí atẹ́gùn ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Níbi tí kò bá sí, nọrẹpinẹfíríìnì ni wọ́n ń lò, lábẹ́ ìṣọ́ lójú méjèèjì.

Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kàn ń fi àkókò ra àkókò ni. Ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń wo àìsàn náà gan-an: ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kíndìnrín, síbẹ̀ á sábà jí padà. Àmọ́ bí aláìsàn bá ti pẹ́ jù lórí ẹ̀rọ kí ẹ̀dọ̀ tó dé, ó lè di dandan kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì.