Ìpàdé Kan, Nínú Gbọ̀ngàn àti Lórí Súùmù

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé girama tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í gbé ojú kan mọ́. Àwọn kan wà n'Íbàdàn, àwọn kan wà l'Ékòó, àwọn kan ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìn. Láti ìgbà àrùn Kòrónà lọ́dún 2020 ni ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe ìpàdé alápapọ̀: ogójì èèyàn lè jókòó sínú gbọ̀ngàn, kí ogún mìíràn wà lórí Súùmù, kí alága kan ṣoṣo sì máa darí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti wà ní apá Súùmù rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ó máa ń dà bíi pé ìta lèèyàn dúró sí, tó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà nínú ilé, tí kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Íntánẹ́ẹ̀tì la sábà máa ń dá lẹ́bi. Lójú tèmi, ìwé ìpè tí kò pé àti ohùn tí a kò tò dáadáa ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìpàdé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹgbẹ́ kan fẹ́ pàdé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọjọ́ Sátidé, 31 oṣù Kẹwàá, 2026, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ohun tí akọ̀wé sábà máa ń fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ni "UI, 4 o'clock", pẹ̀lú lìǹkì kan nísàlẹ̀. Ẹni tó mọ ọgbà yẹn mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àdírẹ́sì. Ọgbà náà tóbi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àwọn gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀ kò sì níye. Kí ìwé ìpè sọ pé kí àlejò gba ẹnu ọ̀nà ńlá tó kọjú sí Agbowó. Kó sọ orúkọ ilé tí gbọ̀ngàn wà, ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ rí kó tó débẹ̀, àti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Bó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kí ó sọ iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀, torí ẹni ọgọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn lè yàn láti bá wọn ṣe é lórí Súùmù dípò kó wá dúró sísàlẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti alága tàbí ti akọ̀wé. Lágogo mẹ́rin géérégé, àwọn méjèèjì ti wà lórí àga, wọn ò ní lè gbé ìpè. Nọ́ńbà ọ̀dọ́ kan tí yóò dúró síta ni kí wọ́n fi sí i.

Aago gan-an ló máa ń dàrú jù. Aago Nàìjíríà kì í yí padà láàárín ọdún, ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ń yí, wọn kì í sì í yí lọ́jọ́ kan náà. Gẹ̀ẹ́sì máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, Amẹ́ríkà sì máa ń ṣe tiwọn ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago mẹ́rin wa ni aago mẹ́rin Lọ́ńdọ̀nù. Ní 31 oṣù Kẹwàá tí a mú yìí, Lọ́ńdọ̀nù ti yí tiwọn ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, nítorí náà aago mẹ́ta ni wọ́n máa wọlé. Húsítìn kò tíì yí tiwọn, aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ṣì jẹ́ fún wọn. Bí wọ́n bá sún ìpàdé yẹn síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan péré, Húsítìn yóò di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tó bá ń fi orí ṣírò láti oṣù Keje kò ní bọ́ sí i. Kí akọ̀wé kọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó sì kọ "àárọ̀" tàbí "ọ̀sán" tì í.

Lìǹkì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kí ó dá dúró lórí ìlà kan, láìsí àmì ìdánudúró tàbí ọ̀rọ̀ kankan tó lẹ̀ mọ́ ọn, kí nọ́ńbà ìpàdé àti ọ̀rọ̀ ìwọlé sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí lìǹkì kọ̀ láti ṣí fún. Orí ìkànnì ẹgbẹ́ nìkan ni kó mọ. Lọ́dún 2020, àwọn àjèjì já wọ ọ̀pọ̀ ìpàdé kárí ayé torí pé ẹnì kan ti lẹ lìǹkì mọ́ ojú táyé, wọ́n sì ń ju àwòrán ìṣekúṣe sójú àwọn àgbàlagbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo yàrá ìdúró, níbi tí olùdarí ti ń wo orúkọ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí orúkọ tó bá hàn síbẹ̀ bá jẹ́ "Galaxy A14", ta ni olùdarí fẹ́ gbà wọlé? Bí Súùmù bá béèrè orúkọ, orúkọ tí ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n sí àti ọdún tó jáde ni kí èèyàn kọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìpàdé Súùmù ọ̀fẹ́ máa ń já ní ìṣẹ́jú 40. Ìpàdé tí àdúrà àti ìkíni nìkan máa ń gba ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ kò lè rọ̀ mọ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹgbẹ́ sanwó oṣù kan, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé bí ó bá já, lìǹkì kan náà ni kí wọ́n tún tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohùn, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Bó ṣe sábà ń rí ni pé wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan sórí tábìlì alága, wọ́n á wọ Súùmù, ó parí. Máìkì kékeré inú kọ̀ǹpútà yẹn gbọ́ alága dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí máìkì, agbára ohùn tó dé ibẹ̀ tààrà á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ní ìlà kẹfà, ariwo fáànù àjà ti borí rẹ̀ kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ ọ kedere. Àwọn tó wà nínú yàrá kì í mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Máìkì aláìlókùn kan tí wọ́n á máa gbé káàkiri, tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà, ló ń tán an. Bí kò bá sí i, kí olùsọ̀rọ̀ rìn wá síwájú tábìlì.

Èyí tó tún le jù ni ti ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn tó tún fi fóònù wọ Súùmù, bóyá kó lè rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Húsítìn. Sípíkà gbọ̀ngàn gbé ohùn jáde, máìkì fóònù gbà á, Súùmù dá a padà sí sípíkà, ó tún padà sínú fóònù. Ìyípoyípo yẹn ló ń di ariwo fíìì tó ń gún etí. Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá ti tẹ "Mute", àwọn ti bọ́. Máìkì nìkan ni wọ́n pa. Sípíkà fóònù náà ṣì ń sọ̀rọ̀, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn, máìkì gbọ̀ngàn á wá gbé e, àwọn tó wà lókèèrè á máa gbọ́ gbogbo gbólóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹni tó bá gbọdọ̀ mú fóònù wọlé tẹ "More", kó tẹ "Disconnect Audio", ohùn rẹ̀ ti kúrò nínú ìpàdé pátápátá nìyẹn. Olùdarí tó fẹ́ mọ ẹni tó ń fa ariwo á wo àkójọ orúkọ: máìkì tó ń tàn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Bí ẹgbẹ́ bá háyà ẹni tó ń to sípíkà, ohun kan ni kí wọ́n bá a sọ: ohùn tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde kò gbọdọ̀ gba inú máìkì tàbí wáyà padà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó mọṣẹ́ á lóye. Kí wọ́n dán gbogbo rẹ̀ wò láago mẹ́ta ààbọ̀, pẹ̀lú ẹnì kan tó wà lókèèrè ní tòótọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ẹni tó lọ dúró sí kọ́rídọ̀.

Orin ilé-ìwé wà nínú ọ̀ràn yìí. Ohùn tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, kò sì sí bí gbọ̀ngàn àti Súùmù ṣe lè jọ kọrin kí ó ṣe déédéé. Súùmù tún máa ń ka ìlù àti àtẹ́wọ́ sí ariwo, á gé e kélekèle. Kí àwọn tó wà lókèèrè pa máìkì wọn, kí wọ́n kọrin nílé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Àmín".

Ìkíni wa ni mo rò pé ó nílò sùúrù jù. Ọmọlúàbí tó bá wọlé á fẹ́ kí: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà." Nínú gbọ̀ngàn, ẹni mẹ́ta tó wà nítòsí á dáhùn, ọ̀rọ̀ á máa lọ. Lórí Súùmù, ìkíni kan ṣoṣo á bo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ létí gbogbo èèyàn. Kí alága sọ níbẹ̀rẹ̀ pé kí ẹni tó bá pẹ́ dé kọ ìkíni rẹ̀ síbi ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, pé kò sẹ́ni tó máa kà á sí àfojúdi. Ó yẹ kí agbà ló sọ ọ́, torí bí ọ̀dọ́ bá sọ ọ́, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Ẹni tó wà lókèèrè tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á tẹ "Raise Hand", ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kò wúlò bí alága kò bá rí i. Kí wọ́n yan ẹnì kan tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo ojú kọ̀ǹpútà, kó sì máa pe orúkọ fún alága: "Alága, Bọ̀dá kan láti Lọ́ńdọ̀nù nawọ́." Kí alága gba ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn, kó gba ẹnì kan lórí Súùmù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá parí gbọ̀ngàn kó tó yí sí wọn, ọ̀rọ̀ ti tutù. Ẹni tó sì bá ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, kó kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀, torí ẹ̀yìn orí ni àwọn tó kù ń wò.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ìbò, kí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn tó tún wà lórí Súùmù pẹ̀lú fóònù dìbò níbi kan ṣoṣo. Kí ẹgbẹ́ sì yẹ òfin tirẹ̀ wò bóyá ó gbà kí ẹni tó wà lókèèrè dìbò. Òfin CAMA ti 2020 gbà kí ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣe ìpàdé gbogboogbò lórí ẹ̀rọ, ó sì ní kí wọ́n ṣe é bí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ náà bá ṣe sọ. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni kí wọ́n ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ: ká ní wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn kò sì ní dìbò kankan kí àwọn tó já tó padà. Nígbà tí ìpàdé bá parí, kí alága sọ aago tó parí, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì pa Súùmù kí oúnjẹ tó jáde. Ohunkóhun tí wọ́n bá tún jọ fẹnu kò lé lórí nídìí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kò sí nínú àkọsílẹ̀.