Wákàtí mélòó ni fáànù yóò fi yí? Ohun tí oníbàárà ń wá nínú ìpolówó ìnfátà nìyẹn

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìnfátà onísólà ló máa ń kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé, ‘Bátìrì fóòtì 12, ámpù 200.’ Ìyá ọlọ́mọ tó ń kà á kò mọ ohun tíyẹn jẹ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé bí wọ́n bá mú iná lọ láago méje alẹ́, ṣé fáànù ọmọ òun yóò ṣì máa yí títí di aago mọ́kànlá?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìlọ́po 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400. Ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn lo bátìrì olójé kọjá ìdajì, kó má baà tètè kú. Ìyẹn ku 1,200. Ìnfátà fúnra rẹ̀ yóò jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sí 1,000. Fáànù méjì ń jẹ wáàtì 120, gílóòbù márùn-ún ń jẹ 50, tẹlifíṣàn ń jẹ 80. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 250. Bí a bá pín 1,000 sí ọ̀nà 250, wákàtí mẹ́rin ni.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó wà nínú ìpolówó náà ni: ‘Bí bátìrì bá kún, fáànù méjì, gílóòbù márùn-ún àti tẹlifíṣàn yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin.’ Kí wọ́n sì fi kún un pé: ‘Ẹ má fi lọ aṣọ.’ Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 yóò jẹ gbogbo rẹ̀ tán láàárín wákàtí kan. Oníbàárà tí wọn kò bá sọ èyí fún yóò fi ìbínú padà wá, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò sì gbọ́.