Láti Inú Fọ́tò Ìwé Èésú sí Àtẹ Ẹnì Kọ̀ọ̀kan

Ẹ̀yin akọ̀wé èésú ní Ìjàgbó tí ẹ ti ya ìwé yín sínú fóònù la kọ èyí fún. Èésú là ń sọ, kì í ṣe àjọ tí alájọ ń gbà kiri ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ fọ́tò wò. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú ìwé gbọ́dọ̀ hàn. Bí ìwé bá ká kò láàárín, owó ẹnì kan lè dà bí ẹni pé orí ìlà ẹlòmíì ló wà. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tó mọ́lẹ̀, kí ẹ tún un yà. Ibi tí kò bá ṣeé kà, àmì ìbéèrè ni kí ẹ fi síbẹ̀, ẹ má fi orí rò ó.

Ọwọ́ kan, ìlà kan. Ká ní ènìyàn márùn-ún ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀, tí Ìyá Elépo sì ní ọwọ́ méjì. Ọwọ́ mẹ́fà nìyẹn, 30,000 náírà sì ni ẹni tó kàn máa kó. Akọ̀wé lè ti kọ 10,000 síwájú orúkọ Ìyá Elépo. Ẹ pín in sí ìlà méjì, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa kó. Ìyá Ìbejì méjì sì kúkú wà nínú ẹgbẹ́, ẹ fi ibi tí wọ́n ń gbé yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àtẹ náà rí báyìí:

| Ọwọ́ | Ó dá | Ó kó | Ìyàtọ̀ |
|---|---|---|---|
| Ìyá Aláṣọ | 20,000 | 30,000 | −10,000 |
| Ìyá Elépo 1 | 20,000 | 30,000 | −10,000 |
| Bàbá Káfíńtà | 20,000 | 30,000 | −10,000 |
| Ìyá Ìbejì Òkè | 20,000 | 30,000 | −10,000 |
| Ìyá Elépo 2 | 20,000 | 0 | 20,000 |
| Ìyá Ìbejì Ìsàlẹ̀ | 20,000 | 0 | 20,000 |

Òpó ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo bí ẹ bá ro ó pọ̀. Lórí fóònù, `=SUM(D2:D7)` ló máa ṣe é. Ohun tí −10,000 ń sọ ni owó ọ̀sẹ̀ méjì tó kù tí ẹni tó ti kó ṣì máa dá.

Ibi tó ti ń rúni lójú nìyí. Nínú fọ́tò ọ̀sẹ̀ kẹta, òfìfo ló wà níwájú orúkọ Bàbá Káfíńtà, àpapọ̀ sì jẹ́ 25,000. Ṣé ó jẹ gbèsè ni? Òun ló kó lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ wo iye tó kó lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ 25,000, tí kò sì sí òfìfo mìíràn, wọ́n ti yọ owó tirẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé ìyókù fún un. Nínú àtẹ, ẹ kọ pé ó dá 5,000 lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì kó 30,000; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sọ ọ́ di onígbèsè lásán. Àmọ́ bó bá jẹ́ 30,000 ló kó, 5,000 wà tí fọ́tò kò gbé tàbí tí olórí èésú fi tirẹ̀ dí. Ìwé gan-an ni kí ẹ padà lọ ṣí, kí ẹ sì bi olórí èésú níṣojú Bàbá Káfíńtà kí ẹ tó fọwọ́ kan àtẹ.