Onígun mẹ́ta ABC àti máàkì tó sọnù

Ìbéèrè náà kúrú. Nínú onígun mẹ́ta ABC, ẹ̀gbẹ́ AB àti ẹ̀gbẹ́ AC gùn dọ́gba. Fi hàn pé igun B àti igun C dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán tó mọ́ tónítóní, ó fa ìlà kan láti A wá sí D lórí ìdí BC, ó wá kọ ìdáhùn rẹ̀ báyìí: “Ìlà AD wà nínú ABD, ó sì wà nínú ACD. Igun ADB àti igun ADC jẹ́ 90 dígírì. Igun B àti igun C dọ́gba. Nítorí náà onígun mẹ́ta ABD àti ACD bára mu délẹ̀, igun B sì dọ́gba pẹ̀lú igun C.” Nígbà tí ìwé rẹ̀ padà dé, máàkì kékeré ni wọ́n fún un. Inú rẹ̀ bàjẹ́, torí kò rí irọ́ kankan nínú ohun tó kọ. Ṣé igun méjèèjì kò dọ́gba ni?

Wọ́n dọ́gba. Ẹni tó ṣe ìbéèrè mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ṣe é. Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà dé ibẹ̀ ló fẹ́ rí, ọ̀nà yẹn ni kò sì sí nínú ìwé yìí. Ẹ wo gbólóhùn kẹta: ohun tí wọ́n ní kó fi hàn gan-an ló mú wá ṣe ẹ̀rí. Bí ẹnìkan bá ní òun ló ni ilẹ̀ kan, tí ilé ẹjọ́ bi í pé kí ni ẹ̀rí rẹ̀, tó fèsì pé “nítorí pé tèmi ni”, ó lè jẹ́ pé òun ló ni ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan fún adájọ́.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Kó bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè pé “báwo la ṣe mọ̀?” Ìdáhùn mẹ́ta péré ló ṣeé gbà: wọ́n fún wa nínú ìbéèrè, tàbí àwa fúnra wa la fa ìlà náà bẹ́ẹ̀, tàbí òfin kan tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sọ ọ́. Gbólóhùn kẹta akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àṣìṣe míì tún wà tó fara jọ èyí, tó sì ṣòro láti rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé ìlà AD dúró ṣánṣán lórí BC, pé ó pín BC sí méjì ọgbọọgba, pé ó tún pín igun A sí méjì ọgbọọgba. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó sì ṣe rí nínú àwòrán náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo la lè yàn nígbà tí a bá ń fa ìlà. Méjì tó kù gbọ́dọ̀ jáde wá fúnra wọn bí èrè iṣẹ́. Bí a bá fi D sí àárín BC, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ABD dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ACD, iṣẹ́ parí. Bí a bá pín igun A ni, a ní ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun tó wà láàárín wọn, iṣẹ́ parí. Ẹni tó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ti gba ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Mo fẹ́ràn ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé Yúkílíìdì dé ní Alẹkisáńdíríà, ní nǹkan bí 300 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Òfin igun méjì yìí ni ìkarùn-ún nínú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sì pín igun A rárá. Kí ló dé? Nítorí pé ìkẹsàn-án ló ti kọ́ni bí a ṣe ń pín igun sí méjì. Ìkẹjọ, ìyẹn òfin ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ni ìkẹsàn-án gbára lé. Ìkẹjọ gbára lé ìkeje, ìkeje sì gbára lé ìkarùn-ún. Bó bá pín igun A ní ibẹ̀, yóò ti padà sórí ohun tó ń wá láì mọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́ nípa bí onígun mẹ́ta méjì ṣe ń bára mu, ìyẹn òfin ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun àárín wọn. Ó wá fa AB àti AC gùn kọjá ìdí, ó sì lo òfin yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Páápọ́sì, ará Alẹkisáńdíríà kan náà, dín iṣẹ́ yẹn kù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: ó fi onígun mẹ́ta ABC wé ara rẹ̀ láti òdìkejì, ìyẹn ACB. AB dọ́gba pẹ̀lú AC, AC dọ́gba pẹ̀lú AB, igun A kan náà ni, ó tán. Kò fa ìlà kankan. Nínú ìdánwò wa lónìí, wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti pín igun A, torí wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń pín in kó tó dé ibẹ̀.

Gbígbẹ́kẹ̀lé àwòrán ní tirẹ̀ lè mú èèyàn fìdí irọ́ múlẹ̀. W. W. Rouse Ball tẹ ọ̀kan tó lókìkí jáde ní 1892, tó “fi hàn” pé gbogbo onígun mẹ́ta ló ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dọ́gba. Ẹ mú onígun mẹ́ta ABC èyíkéyìí. Ẹ fa ìlà tó pín igun A sí méjì, kí ẹ sì fa ìlà tó dúró ṣánṣán láti àárín BC. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni O, inú onígun mẹ́ta náà la sì yà á sí. Láti O, ẹ fa OE wọ AB àti OF wọ AC, kí àwọn náà dúró ṣánṣán. AEO àti AFO bára mu, nítorí náà AE dọ́gba pẹ̀lú AF, OE sì dọ́gba pẹ̀lú OF. OB àti OC dọ́gba torí ibi tí O wà. Nítorí náà EB dọ́gba pẹ̀lú FC. Ẹ ro wọ́n pọ̀: AB jẹ́ AE àti EB, AC jẹ́ AF àti FC, wọ́n sì dọ́gba!

Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà dán an wò: AB jẹ́ 8, AC jẹ́ 6, BC jẹ́ 7. Ẹ lo rúlà àti kọ́ńpáàsì dáadáa. O kò ní bọ́ sínú onígun mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ BC ló máa wà, lóde. AE àti AF jẹ́ 7, EB àti FC jẹ́ 1, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí náà ṣe sọ gan-an. Ṣùgbọ́n E wà láàárín A àti B, nígbà tí F ti kọjá C, lórí AC tí a fà gùn. AB jẹ́ 7 ró 1, ìyẹn 8. AC jẹ́ 7 yọ 1, ìyẹn 6. Gbogbo gbólóhùn nípa bíbára mu ló tọ̀nà. Ibi tí a fi ojú mú pé F wà láàárín A àti C ni irọ́ gbà wọlé, kò sì sí ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀.

Yúkílíìdì pàápàá kò ṣe òfin nípa ohun tó túmọ̀ sí pé àmì kan wà láàárín méjì. Moritz Pasch, ará Jámánì, ló gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1882: ìlà tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kan wọ inú onígun mẹ́ta, tí kò gba orí igun kankan kọjá, gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù jáde. Kò sí ẹni tó máa bi akẹ́kọ̀ọ́ girama nípa Pasch. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá kàn ní “onígun mẹ́ta ABC”, ẹ jẹ́ kó ya èyí tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ yàtọ̀ síra gedegbe, kó sì tún ya òmíràn tí igun kan nínú rẹ̀ ju 90 dígírì lọ. Bí gbólóhùn kan bá bá àwòrán àkọ́kọ́ mu, tí kò bá èkejì mu, inú àwòrán ló ti wá, ibẹ̀ sì ni máàkì ti máa bọ́.