Orúkọ Tí Òǹrajà Fi Ń Wá Ọṣẹ Dúdú

Kò sí ìyálọ́jà kan ní ọjà Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni yóò béèrè ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò ní kí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lórí ẹ̀rọ ayélujára, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, òǹrajà kì í ti ìsọ̀ kan bọ́ sí èkejì. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni í tẹ̀, ẹ̀rọ a sì kó àwọn ọjà tí ọ̀rọ̀ wọn bá tirẹ̀ mu wá síwájú rẹ̀. Bí ọṣẹ kan kò bá jẹ́ orúkọ tí òǹrajà tẹ̀, bí ẹni pé a kò sè é rárá ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń fi eérú èèpo kòkó àti àdín se ọṣẹ, ó sì ń tà á lórí Etsy, ọjà ayélujára tí a dá sílẹ̀ ní 2005 fún iṣẹ́ ọwọ́. Àkọlé tí ó fún un ni `Artisan Ancestral Cleansing Bar`. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jí ní òwúrọ̀ tí yóò tẹ irú rẹ̀ nígbà tí ọṣẹ bá tán nílé?

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe ni kí ó dúró ní ipò òǹrajà. Kí ó ṣí ojú ìwé tí kò rántí ohun tí òun ti wá tẹ́lẹ̀, kí ó tẹ `black soap` sínú àpótí ìwákiri, kí ó sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ yóò tú àwọn gbólóhùn kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ó fà yọ láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ní tòótọ́. Kí ó tún fi lẹ́tà `a` kún un, lẹ́yìn náà `b`, títí dé `z`, kí ó máa kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé. Irú gbólóhùn bí `african black soap` tàbí `unscented black soap` ni yóò máa bá pàdé.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lè máà jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó tẹ `black soap` nìkan lè máa wá ọṣẹ rírọ̀ ti Mòrókò tí a fi epo ólífì ṣe, tàbí ọṣẹ tí a po èédú mọ́, tí ó dúdú bíríkítí. Tiwa sì rèé, àwọ̀ ilẹ̀ ló sábà máa ń ní! Ọ̀nà àtimọ̀ kò ṣòro: kí ó tẹ gbólóhùn náà parí, kí ó wo àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá jọ ọṣẹ tirẹ̀, àwọn tí ń tẹ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe oníbàárà rẹ̀.

Etsy fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní àyè gbólóhùn ìtọ́kasí 13, ìkọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 20 lọ, pẹ̀lú àlàfo àárín wọn. `raw african black soap` jẹ́ 22, kò lè wọlé. `african black soap` jẹ́ 18. `unscented black soap` pé 20 gééré. Kí ó fi àyè kan sílẹ̀ fún `ose dudu`, nítorí àwọn ọmọ wa ní ìdálẹ̀ ń wá a, wọn kò sì nílò àlàyé kankan kí wọn tó rà á. Láìsí àmì ni kí ó kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ dun àwa olùkọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kí ó má sì gbàgbé `alata samina`, orúkọ tí àwọn ará Gánà fi ń pè é.

Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀. Yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ń tẹ `black soap for acne`, tàbí orúkọ àrùn awọ ara mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ọṣẹ tí a bá sọ pé ó ń wo irorẹ́ tàbí àléfọ́ sàn ti di oògùn lójú òfin, òfin oògùn ni yóò sì mú un. Kí ó fi gbólóhùn wọ̀nyí sílẹ̀, bí èrò tilẹ̀ pọ̀ nídìí wọn.

Nígbà tí ó bá ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, láìyí àwòrán tàbí iye owó padà, kí ó má baà ṣòro láti mọ ohun tí ó fa àyípadà. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ wo ibi tí Etsy ti ń fi ọ̀rọ̀ tí ó mú àlejò wá han ọlọ́jà. Ká ní `black soap` mú 200 ènìyàn wá, tí ẹyọ kan péré sì tà láàárín ìgbà náà, tí `unscented black soap` sì wá mú 30 wá ní oṣù kejì, tí mẹ́rin tà, a mọ èyí tí yóò gbé wọ inú àkọlé. Kí ó ṣáà má fi oṣù Kejìlá, tí àwọn ènìyàn ń ra ọṣẹ fi ta ara wọn lọ́rẹ, wé oṣù Kìíní.