Ta Ló Ni Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú?

"Láti ọjọ́ Ajé, àsìkò iṣẹ́ yóò yí padà." Ìfilọ̀ báyìí kì í gba ọ̀gá ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti kọ. Àwọn òṣìṣẹ́ á kà á, wọ́n á ní ó ti yé àwọn. Ó di ọjọ́ Ajé kí ariwo tó sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn ará àárọ̀ ń wọlé ní aago méje, àwọn ará ọ̀sán ní aago mẹ́ta, àwọn ará òru ní aago mọ́kànlá. Ọ̀gá fẹ́ kí búrẹ́dì tètè jáde, nítorí àwọn tó ń rà á láti tún tà kì í dúró de ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Ó wá sọ ọ́ di aago mẹ́fà, aago méjì àti aago mẹ́wàá alẹ́. Lójú tirẹ̀, wákàtí kan péré ló yí padà.

Àmọ́ iṣẹ́ òru tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń parí. Ṣé ó wà lára "láti ọjọ́ Ajé" ni àbí kò sí? Ẹni tó gbà pé ó wà níbẹ̀ á dé ní aago mẹ́wàá alẹ́ Àìkú, á bá àwọn ará ọ̀sán nídìí ààrò, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan, á sì béèrè owó rẹ̀ níparí oṣù. Ẹni tí kò gbọ́ rárá á ṣì dé ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ajé. Nígbà yẹn, àwọn ará ọ̀sán ti lọ sílé, ìyẹ̀fun pípò ti wú kọjá bó ṣe yẹ nínú páànù, kò sì sí ẹni tó máa tì í sínú ààrò. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí àwọn ará àárọ̀ bá dé ní aago mẹ́fà lọ́jọ́ Ajé, wákàtí méje ni àwọn ará òru á ti ṣe. Ta ló máa san ìkẹjọ?

Òru tí àyípadà náà máa ṣẹlẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìfilọ̀ sọ, kì í ṣe àsìkò tuntun nìkan. Bí mo bá ni ilé búrẹ́dì yẹn, ohun tí màá kọ nìyí:

"Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù keje: àwọn ará òru á wọlé ní aago 11 bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á jáde ní aago 6 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6. A ó san owó wákàtí 8 pé. Láti aago 6 àárọ̀ yẹn lọ, àárọ̀ ń wọlé ní aago 6, ọ̀sán ní aago 2, òru ní aago 10 alẹ́."

Ó gùn díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ti wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Bí wọn kò bá rí owó níbẹ̀, àhesọ ni wọ́n máa fi dí àyè rẹ̀.

Àwọn alábòójútó ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn wọn ni awakọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn méjì yìí la sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa dé ní aago mẹ́fà bí ọkọ̀ bá ṣì ń gbéra ní aago mẹ́fà àbọ̀. Ẹni tó wà ní ìsinmi, kí wọ́n pè é lórí fóònù. Ìwé àtijọ́ tó wà lára ògiri, kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an. Èmi ò fara mọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí Wáàsáàpù tí kò ní déètì nínú, nítorí ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kó tún ka "ọjọ́ Ajé" mìíràn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìpín 7, tiẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ sọ irú àyípadà bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ nínú ìwé, kó má ju oṣù kan lọ lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá dúró di ìgbà yẹn ti pẹ́ jù.

Kí alábòójútó má sì béèrè pé "ṣé ó yé yín?" "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" ló máa gbọ́. Kó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Bọ̀dá, aago mélòó lẹ máa dé lálẹ́ Sọ́ńdè?" Ìdáhùn kì í pẹ́ tú àṣírí. Bó bá di Ọjọ́rú, kó yẹ ìwé ìwọléṣẹ́ wò. Bí ẹnì kan péré bá pẹ́, ẹni yẹn ni kó bá sọ̀rọ̀; bó bá jẹ́ gbogbo ará òru ló pẹ́, kó lọ tún ìfilọ̀ náà kọ.